Bí a ṣe ń gba lẹ́tà ìjẹ́rìí lọ́wọ́ onílé àtijọ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, àbúrò mi obìnrin rí fúláàtì oníyàrá kan ní Wúlíìṣì, £1,250 lóṣù. Ó lọ wò ó, ó wù ú, ó sì san £288, owó ọ̀sẹ̀ kan, láti fi di ilé náà mú. Ejẹ́ǹtì wá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí i pé kó kọ gbogbo ibi tó gbé láàárín ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, pẹ̀lú orúkọ onílé kọ̀ọ̀kan àti bí wọ́n ṣe lè rí wọn bá sọ̀rọ̀. Níbi tó ń gbé lọ́wọ́ nígbà náà, ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lò. Gbogbo ìyókù, ilé ìyá àgbà kan ní Pẹ́kàmù ni, ọmọ Ìjẹ̀bú tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mọ́mì. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 ló ti kúrò níbẹ̀, kò sì pe Mọ́mì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti ìgbà náà.

Ejẹ́ǹtì fẹ́ kí Mọ́mì jẹ́rìí bó ṣe gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí a ṣe gba lẹ́tà ìjẹ́rìí náà ni mo fẹ́ tẹ̀ lé níhìn-ín, pẹ̀lú ibi tí ó ti fẹ́ bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Òfin Ínglándì ni mo ń sọ. Ti Skọ́tílándì àti Wéèlsì yàtọ̀.

Ìdí wà tí ejẹ́ǹtì tó mọṣẹ́ fi ń wá onílé àtijọ́. Onílé tó fẹ́ kí ayálégbé oníwàhálà tètè kó jáde lè máa yìn ín kó lè rí ibòmíràn lọ. Ẹni tí o ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ kò ní èrè kankan tó máa jẹ níbẹ̀ mọ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wúwo jù. Ohun mìíràn tún ti dé. Tẹ́lẹ̀, àwọn èèyàn wa tí kò rí onílé tó máa jẹ́rìí fún wọn máa ń san owó oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà, bí a ti ń ṣe é l'Ékòó, ejẹ́ǹtì á sì gbà. Òfin Ẹ̀tọ́ Àwọn Ayálégbé ti ọdún 2025 ti ilẹ̀kùn yẹn pa: láti ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2026, onílé aládàáni kò gbọdọ̀ béèrè tàbí gba ju owó oṣù kan lọ kí ayálégbé tó wọlé. Owó gọbọi kò lè dípò ẹ̀rí mọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: mọ ẹni tó yẹ kí o bi

Ẹni tó ní ilé, tàbí ejẹ́ǹtì tó ń bá a ṣàkóso rẹ̀, ni o ń wá. Bí ó bá jẹ́ pé ejẹ́ǹtì lo ń sanwó fún, tí o kò mọ onílé rí, ejẹ́ǹtì náà ni kí o kọ̀wé sí, nítorí ọwọ́ wọn ni àkọsílẹ̀ owó rẹ wà. Ìyẹn rọrùn, ímeèlì kan ni.

Èyí tó le ni ilé tí ẹni tó fún ọ ní yàrá fúnra rẹ̀ jẹ́ ayálégbé. Ó pọ̀ láàárín wa. O gba yàrá lọ́wọ́ bọ̀dá kan nínú fúláàtì káńsù, o sì rò pé òun ni onílé. Ẹni tó bá ń gbé inú fúláàtì káńsù rẹ̀ lábẹ́ àdéhùn tó fìdí múlẹ̀ lè gba ẹnì kan sí yàrá, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kó jáde tó wá fi gbogbo fúláàtì náà háyà fún ẹlòmíràn, òfin ọdún 2013 sọ ọ́ di ọ̀ràn tí wọ́n lè gbé èèyàn lọ sí kóòtù lé lórí. Nítorí náà bi í kí o tó kọ orúkọ rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù kankan. Bí ó bá ní òun kò lè jẹ́rìí, má ṣe fagbára mú un. O ti rí ìdí rẹ̀. Sọ fún ejẹ́ǹtì pé yàrá lo háyà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ilé náà, kí o sì fi àkọsílẹ̀ báńkì hàn dípò lẹ́tà.

Ti Mọ́mì kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé rẹ̀ ni, inú rẹ̀ ló ń gbé, àbúrò mi nìkan ló sì háyà yàrá lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: kó àkọsílẹ̀ tìrẹ jọ kí o tó pe ẹnikẹ́ni

Ibí yìí ni iṣẹ́ gan-an wà, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò kọjá. Ilé-iṣẹ́ tó ń bá ejẹ́ǹtì ṣèwádìí máa gbé ohun tí o kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí onílé kọ. Bí oṣù tí o wọlé, iye owó ilé tàbí ọjọ́ tí o jáde bá yàtọ̀ síra, wọ́n á dá a padà fún àlàyé, ọjọ́ á sì máa lọ. Onílé tó ti dàgbà kì í rántí déètì. Ìwọ ló yẹ kí o rán an létí, ohun tí o sì máa fi rán an létí gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́.

Àbúrò mi ti kọ oṣù Kìíní ọdún 2021 sí fọ́ọ̀mù. Mo ní kó lọ yẹ fóònù rẹ̀ wò. Nínú oṣù Kìíní ló wá wo yàrá náà, tó sì fi owó sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ni iṣẹ́ tó fi ránṣẹ́ sí Mọ́mì wà: "Mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà o, Mọ́mì." Ọjọ́ ìwọlé nìyẹn. Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹrin ọdún 2024 ló jáde. Oṣù mọ́kàndínlógójì ni gbogbo rẹ̀.

A wá yẹ báńkì wò. £600 ló ń san lóṣù, iná, gáàsì àti omi wà nínú rẹ̀. Kọ ìyẹn sílẹ̀ bó ṣe rí, nítorí bí o bá kọ £600 láìsọ pé iná wà níbẹ̀, tí onílé wá kọ £500 owó yàrá àti £100 owó iná, irọ́ ni ó máa dà bíi. Oṣù márùn-ún àkọ́kọ́, owó lọ́wọ́ ló san, kò sí rìsíìtì. Láti oṣù Keje ọdún 2021 ni owó ti ń gba báńkì kọjá, ọjọ́ kìíní tàbí ọjọ́ kejì oṣù. Oṣù kan ṣoṣo ló pẹ́: oṣù Kìíní ọdún 2023, ó fi ọjọ́ mẹ́sàn-án pẹ́, nítorí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iṣẹ́, owó oṣù àkọ́kọ́ kò sì tíì wọlé. Ó ti sọ fún Mọ́mì ṣáájú.

Ohun tí inú mi dùn jù láti rí ni £300 tí Mọ́mì dá padà sínú báńkì rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Dípọ́sítì rẹ̀ ni, ó pé, kò dín kọ́bọ̀. Onílé tó dá dípọ́sítì padà lódindi ti jẹ́rìí pé o kò ba yàrá jẹ́, kódà kó tó kọ lẹ́tà kankan. Bí o bá gbé ilé tí onílé kò sí nínú rẹ̀, dípọ́sítì rẹ á ti wà lábẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ètò mẹ́ta tí ìjọba fọwọ́ sí, ìwé ìdápadà rẹ̀ á sì wà nínú ímeèlì rẹ. Wá a jáde. Òfin yẹn kò kan ẹni tó gba yàrá nínú ilé tí onílé ń gbé, báńkì nìkan ni ẹ̀rí tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: pè é, má ṣe kàn fi iṣẹ́ ránṣẹ́

Pè é kí orúkọ rẹ̀ tó wọ fọ́ọ̀mù. Kò sí òfin ní Ínglándì tó fi dandan mú onílé láti jẹ́rìí fún ayálégbé tó ti kúrò; oore ni. Fún àgbàlagbà, ímeèlì láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí kò mọ̀ rí, tó ń béèrè ilé rẹ̀ àti owó tó gbà, ẹ̀rù ló máa dá sí i lára.

Mo jókòó ti àbúrò mi nígbà tó pè é. Ó kí i dáadáa. "Ẹ káàsán, Mọ́mì. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ara yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Mọ́mì ní, "Ṣé ìwọ náà rántí wa lónìí?" Ó bẹ̀ ẹ́, ó ní iṣẹ́ alẹ́ ni kò jẹ́. Ó jẹ́ kó sọ ti orúnkún tó ń dùn ún, ó jẹ́ kó sọ ti ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Mọ́mì, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bá wá. Mo ń gba fúláàtì kan ní Wúlíìṣì, ejẹ́ǹtì sì fẹ́ mọ bí mo ṣe gbé lọ́dọ̀ yín. Ṣé ẹ máa lè bá mi jẹ́rìí bó ṣe rí?"

"Bó ṣe rí" yẹn ṣe pàtàkì. Bí o bá ní kí wọ́n sọ ohun tó dáa nípa rẹ, onílé á máa ronú ohun tó yẹ kó fi pa mọ́. Bí o bá ní kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

Mọ́mì dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Wọn ò ní tìtorí èyí wá bi mí léèrè owó orí, àbí?" Má ṣe fi ìbéèrè yìí ṣeré, òun ni ọ̀pọ̀ onílé tiwa ń bẹ̀rù láìsọ ọ́ jáde. Òótọ́ ni kí o fi dáhùn. Ejẹ́ǹtì ni lẹ́tà náà ń lọ bá, wọn kì í ṣe agbowó orí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìjọba ní ètò kan fún ẹni tó ń fi yàrá onífọ́níṣọ̀ háyà nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé: kò san owó orí lórí £7,500 àkọ́kọ́ tó bá wọlé lọ́dún. £600 lọ́nà méjìlá jẹ́ £7,200. Nígbà tí Mọ́mì gbọ́ ìṣirò yìí, ohùn rẹ̀ yí padà. Fún onílé tí owó rẹ̀ bá ju ìyẹn lọ, ọ̀rọ̀ òun àti oníṣirò rẹ̀ ni. Má ṣe ìlérí tí kò sí lọ́wọ́ rẹ.

Kí ẹ tó pa fóònù, béèrè ohun méjì. Àkọ́kọ́, orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé, nítorí "Mọ́mì" kò sí nínú ìwé kankan. Èkejì, bóyá orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ilé náà. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí lè sanwó díẹ̀ kí wọ́n fi wo ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ tí ìjọba ń tọ́jú, kí wọ́n mọ̀ bóyá ẹni tó ń jẹ́rìí ló ni ilé lóòótọ́. Ilé Pẹ́kàmù yẹn ṣì wà ní orúkọ ọkọ Mọ́mì tó ti di olóògbé. Bí a kò bá béèrè, ìwádìí ì bá rí orúkọ ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ, wọ́n á sì rò pé onílé ayédèrú ni a mú wá.

Orúkọ tìrẹ náà ńkọ́? Mọ́mì mọ àbúrò mi sí orúkọ ilé rẹ̀. Orúkọ mìíràn ló wà nínú páásípọ́ọ̀tù. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá pè é tí wọ́n ní, "Ṣé ẹ mọ ẹni báyìí?" yóò dáhùn pé òun kò mọ̀ ọ́n rí. Kọ orúkọ páásípọ́ọ̀tù rẹ ránṣẹ́ sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: fi kókó ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà

Kí ọjọ́ tí ẹ sọ̀rọ̀ má tíì ṣú, fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ tó máa wà lójú rẹ̀ nígbà tó bá ń dáhùn. Báyìí ni tiwa rí:

"Ẹ ṣeun púpọ̀, Mọ́mì. Àwọn ohun tí wọ́n máa bi yín nìyí, bó ṣe wà nínú àkọsílẹ̀ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì tún un ṣe níbi tí kò bá bá ohun tí ẹ rántí mu. Mo wọlé lọ́jọ́ kìíní oṣù Kejì 2021, mo jáde lọ́gbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹrin 2024. £600 lóṣù, iná, gáàsì àti omi wà nínú rẹ̀. Oṣù Kìíní 2023 nìkan ni mo fi ọjọ́ mẹ́sàn-án pẹ́. Mo fún yín ní nótíìsì oṣù kan, ẹ sì dá £300 mi padà. Orúkọ tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù mi nìyí, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó máa kọ̀wé sí yín náà nìyí. Mo fún yín láyè láti dáhùn ìbéèrè wọn nípa mi."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn wà fún onílé tó gbọ́ pé òfin kò fẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kiri. Ó sì yẹ kí o fi orúkọ ilé-iṣẹ́ náà sí i gan-an, nítorí àwọn oníjìbìtì náà ń fi ímeèlì ránṣẹ́, onílé tó gbọ́n kò ní ṣí èyí tí kò retí.

Lẹ́tà náà fúnra rẹ̀

Àwọn ejẹ́ǹtì kan ń fi fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí onílé, àwọn mìíràn ń gba lẹ́tà. Gba lẹ́tà náà bó ti wù kó rí, torí pé o lè tún un lò. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n á fi kọ ọ́, ojú ìwé kan ti tó, pẹ̀lú déètì, ìbuwọ́lùwé àti nọ́ńbà fóònù. Ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ ni ohun tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí máa ń béèrè: ìgbà wo lo wọlé tí o sì jáde, èló lò ń san, ǹjẹ́ ó ń wọlé lákòókò, ǹjẹ́ gbèsè kankan kù, báwo ni ilé ṣe rí nígbà tí o jáde, ǹjẹ́ aládùúgbò fẹjọ́ sùn. Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò: ṣé onílé á tún gbà ọ́ sílé bí ààyè bá yọ?

Mọ́mì sọ ọ́, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tẹ̀ ẹ́, Mọ́mì buwọ́ lù ú. Kókó rẹ̀ nìyí ní èdè wa:

"Èmi ni mo háyà yàrá fún ẹni tí mo dárúkọ sókè yìí nínú ilé tí mo ń gbé, láti 1/2/2021 títí di 30/4/2024. Orúkọ ọkọ mi olóògbé ṣì wà lórí ilé náà. Mo fi ìwé owó káńsù tó ní orúkọ mi mọ́ lẹ́tà yìí. £600 ló ń san lóṣù, owó iná, gáàsì àti omi wà nínú rẹ̀. Láàárín oṣù mọ́kàndínlógójì, ó pẹ́ lẹ́ẹ̀kan, fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, nígbà tó pààrọ̀ iṣẹ́. Ó ti sọ fún mi ṣáájú, ó sì san án tán. Kò jẹ mí ní gbèsè. Yàrá rẹ̀ mọ́ nígbà tó jáde, mo sì dá gbogbo dípọ́sítì rẹ̀ padà. Màá tún gbà á sílé."

Àbúrò mi kọ́kọ́ ní kí a yọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́sàn-án náà kúrò. Mo kọ̀. Ejẹ́ǹtì lè béèrè àkọsílẹ̀ báńkì, kó rí i níbẹ̀, kó wá bi ara rẹ̀ pé kí ló tún kù tí onílé fi pa mọ́. Ìpẹ́ kan ṣoṣo tó ní ìdí, tó sì ti parí, kì í ba ìbéèrè ilé jẹ́. Lẹ́tà tó kún fún ìyìn, tí kò ní déètì àti iye owó nínú, òun ni wọ́n máa ń dá padà.

Jẹ́ kí n sọ èyí láìfi bò: má ṣe fi ọ̀rẹ́ ṣe onílé. Mo mọ àwọn tó ti ṣe é, mo sì mọ ibi tó já sí. Irọ́ nínú ìbéèrè ilé fún ejẹ́ǹtì ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin ọdún 2019 láti mú owó tí o fi di ilé mú. Lẹ́yìn èyí, irú ẹ̀rí èké bẹ́ẹ̀ lè di ọ̀ràn jìbìtì lábẹ́ òfin ọdún 2006, fún ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ. Kódà bí onílé gidi bá gbà, má ṣe bá a kọ fọ́ọ̀mù náà lórí fóònù rẹ. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí lè rí i pé ẹ̀rọ kan náà ló kọ méjèèjì. Jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bá a ṣe é nílé tirẹ̀.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá, ejẹ́ǹtì ní Mọ́mì kò fèsì. Mọ́mì ní òun kò rí nǹkan kan gbà. Inú àpótí tí wọ́n kọ `Spam` sí ni ímeèlì náà wà láti ọjọ́ kìíní. Ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ ní kí wọ́n wò, tàbí `Junk`, kí o tó fura sí ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni kí o bẹ ejẹ́ǹtì pé kó tún un fi ránṣẹ́, kó sì fi fóònù pe onílé náà ní wákàtí tí o mọ̀ pé ó máa ń wà nílé. Àgbàlagbà tí kì í gbé nọ́ńbà tí kò mọ̀ kò ní gbé e bí o kò bá ti sọ fún un.

Ìdí tí ọjọ́ fi ṣe pàtàkì ni pé láti ọjọ́ tí o san owó ìdílémú, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni òfin fún yín láti parí àdéhùn, àfi bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí o pe onílé kí o tó san owó yẹn. Àbúrò mi kò ṣe bẹ́ẹ̀, a sì fi ọjọ́ mẹ́fà ṣòfò. Bí ejẹ́ǹtì tuntun bá sì ní kí o san owó ìwádìí náà, má san án; láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2019 ni òfin ti ní kí wọ́n má gba irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ayálégbé.

Bí ẹ bá ti jà kí o tó jáde

Tọrọ díẹ̀. Onílé tí inú ń bí kò ní yìn ọ́, ṣùgbọ́n ó lè gbà láti kọ ọjọ́ tí o wọlé, ọjọ́ tí o jáde, iye owó ilé àti pé o kò jẹ gbèsè. Ìyẹn nìkan náà wúlò. Bí gbèsè bá wà lóòótọ́, san án kí o tó béèrè, tàbí kí ẹ jọ kọ bí o ṣe máa san án. Bí ó bá kọ̀ pátápátá, sọ fún ejẹ́ǹtì fúnra rẹ kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ní gbólóhùn méjì, láìbú onílé. Fi àkọsílẹ̀ báńkì ọdún kan tì í, fa ìlà sábẹ́ owó ilé oṣù kọ̀ọ̀kan, fi ìwé ìdápadà dípọ́sítì sí i bí ó bá wà, kí o sì wá onídùúró tí owó tó ń wọlé fún un tó.

Nínú ọ̀ràn àbúrò mi, lẹ́tà Mọ́mì dé ọwọ́ ejẹ́ǹtì lọ́jọ́ kọkànlá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi, lórí oṣù márùn-ún tí kò sí nínú báńkì. Mọ́mì dáhùn lórí fóònù pé owó lọ́wọ́ ni, ó sì pé. Ọjọ́ kẹtàlá ni wọ́n fọwọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ tó kó kúrò nílé tó wà yẹn, kí dípọ́sítì tó wọlé, ó ti ní kí onílé ibẹ̀ náà kọ lẹ́tà tirẹ̀ sílẹ̀ fún un.